Ìwé Ìtúká Ìgbéyàwó: Kí Bàbá àti Ìyá Mọ Ohun Tí Adájọ́ Wí

Nígbà tí ilé-ẹjọ́ bá tú ìgbéyàwó ká, tí ó sì pàṣẹ bí a ó ti máa tọ́jú àwọn ọmọ, ìwé tí a ń fi lé bàbá àti ìyá lọ́wọ́ a máa gùn, èdè Òyìnbó ni a sì fi ń kọ ọ́. Àṣẹ gan-an a wà láàrin ìtàn ẹjọ́ àti àríyànjiyàn àwọn lọ́yà. Kì í pẹ́ tí olúkúlùkù fi ń di apá tí ó dùn mọ́ ọn mú, tí ó sì ń gbàgbé ìyókù. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a ti yọ kókó rẹ̀ sórí tákàdá kan ní èdè Yorùbá. Ẹ̀yin olùkọ́ ni àwọn ará àdúgbò sábà máa ń gbé e wá bá. Nítorí náà, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀ jùlọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí àwa fúnra wa gbé kalẹ̀. Ọkọ àti aya kan ṣe ìgbéyàwó onísọ̀wé-ẹ̀rí lábẹ́ òfin ìjọba. Ọmọ wọn méjì jẹ́ ọdún 11 àti ọdún 7. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Ìbàdàn tú wọn ká ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọdún 2025. Adájọ́ ní kí àwọn ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá. Ó ní kí bàbá máa san 80,000 náírà fún oúnjẹ wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Kẹrin, kí ó sì san owó ilé-ìwé fún ilé-ìwé fúnra rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14 tí ìwé owó náà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ máa lọ sọ́dọ̀ bàbá ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì-kejì, láti agogo mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì títí di agogo márùn-ún ọjọ́ Àìkú. Ó sì ní kí a mú ọ̀rọ̀ owó náà padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù 12.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí tákàdá náà sọ ni ọjọ́ tí ìgbéyàwó tú ní tòótọ́, nítorí kì í ṣe ọjọ́ tí adájọ́ sọ̀rọ̀. Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó ti ọdún 1970 pín ìtúká sí ìpele méjì. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn amòfin ń pè ní dikirí náísáì. Ti ìkẹyìn ni dikirí ábúsólúùtù. Oṣù mẹ́ta ni ó wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, ìtúká kò lè di àṣekágbá àfi bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ pé ètò tí a ṣe fún ọmọ náà tẹ́ òun lọ́rùn. Ọjọ́ 28 ni a ó sì kà láti ọjọ́ àṣẹ yẹn. Èyí tí ó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì ni a ó tẹ̀lé. Bí àṣẹ nípa àwọn ọmọ méjì wa bá jáde ní ọjọ́ ìdájọ́, ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ni ìtúká di àṣekágbá. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ni ó jáde, ó di ọjọ́ 30 oṣù náà, bí kò bá sí ẹni tí ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹlòmíràn ṣáájú ọjọ́ náà, ọkọ tàbí aya ẹlòmíràn ni ó ṣì jẹ́ lójú òfin. Ìpele méjì yìí kò kan àwọn tí ó fẹ́ra wọn nípa àṣà ìbílẹ̀ tàbí ti Ìmàle. Ìlànà kọ́ọ̀tù tiwọn ni kí ẹ wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín tákàdá náà sí ọ̀nà mẹ́ta: iṣẹ́ bàbá, iṣẹ́ ìyá, àti ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ḿbà ìpínrọ̀ tí ó ti wá nínú ìwé ìdájọ́, kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ní ti owó, iye nìkan kò tó. Ẹ kọ ẹni tí yóò san án, ẹni tí yóò gbà á, ọjọ́ rẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà dé, àti ìgbà tí yóò dópin. Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ṣé 80,000 náírà náà jẹ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, tàbí ti àwọn méjèèjì pọ̀? Ṣé aṣọ ilé-ìwé àti ìwé kíkà wà nínú owó ilé-ìwé? Bí ìwé ìdájọ́ kò bá sọ ọ́, ẹ má ṣe fi ọgbọ́n orí yín dí àlàfo náà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé kò sọ ọ́, kí lọ́yà lọ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́.

Ní ọ̀wọ́ ìyá, ẹ kọ ọ́ gbangba pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí àwọn ọmọ wà ní sẹpẹ́ ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tí ó kàn bàbá. Ní ọ̀wọ́ bàbá, ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá wọn padà ní agogo márùn-ún ọjọ́ Àìkú. Ẹ má ṣe so ìlà owó mọ́ ìlà ìbẹ̀wò. Bàbá tí a kò jẹ́ kí ó rí ọmọ rẹ̀ kò ní àṣẹ láti dá owó oúnjẹ dúró. Ìyá tí kò rí owó gbà kò sì ní àṣẹ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá. Ilé-ẹjọ́ ni kí olúkúlùkù gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lọ. Òfin ọdún 1970 kan náà wí pé ire ọmọ ni kí a fi ṣíwájú ohun gbogbo nínú irú ẹjọ́ yìí, ọmọ ni ó sì ń jẹ ìyà nígbà tí òbí méjèèjì bá ń gbẹ̀san.

Ó ku ọjọ́ àyẹ̀wò. Oṣù 12 nínú àpẹẹrẹ wa pé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọdún 2026. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń rò pé àṣẹ ti kú ní ọjọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí ilé-ẹjọ́ yóò fi yí i padà ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Bákan náà, àdéhùn ẹnu kò lè pa á rẹ́. Bí owó iṣẹ́ bàbá bá dín kù, tí ìyá sì gbà lẹ́nu pé kí ó máa san 50,000 náírà láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kejì, 30,000 ni ó ń ṣẹ́ kù lóṣooṣù. Ní oṣù mẹ́fà, ìwé ìdájọ́ yóò ṣì fi hàn pé ó jẹ gbèsè 180,000 náírà. Ilé-ẹjọ́ ní agbára láti dín owó náà kù tàbí láti fi kún un. Kí bàbá tètè lọ bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ kí gbèsè tó gorí gbèsè.

Tákàdá kókó yìí kì í ṣe ìdájọ́. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé ilé-ẹjọ́, ti ilé-ẹjọ́ ni yóò borí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ju ojúlówó ìwé nù. A ń ké sí àwọn akọ̀wé ilé-ẹjọ́ kí wọ́n sọ ọ́ di àṣà láti fún òbí méjèèjì ní irú tákàdá kan náà ní èdè tí wọ́n gbọ́, ní ọjọ́ kan náà. Títí wọn yóò fi ṣe é, ẹ̀yin olùkọ́ ni ó kù. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ titun wọ́.