Ewú Màmá àti Ewé Òkè-Ìmẹ̀sí

Ẹni tó bá ti fi kọ̀ǹpútà yọ ènìyàn kúrò nínú àwòrán rí mọ̀ pé èjìká kì í yọni lẹ́nu. Irun ni iṣẹ́ wà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí fi àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé ránṣẹ́ sí mi fún pósítà ìsìnkú. Màmá jókòó síta láìwé gèlè, orí rẹ̀ funfun bí òwú, àwọn òkè tó yí ìlú náà ká sì tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀ wáìnì ni ẹbí fẹ́ kó wà lẹ́yìn pósítà. Wọ́n sì fẹ́ kí ewú náà hàn, torí gèlè ni màmá wé nínú gbogbo àwòrán rẹ̀ yòókù.

Fọ́nrán irun kan lè tín-ín-rín ju píksẹ̀lì lọ, ìyẹn ẹyọ tóótòòtó tí a fi to àwòrán jọ. Bí irun kò bá kún inú ẹyọ náà, kámẹ́rà á po àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ti ohun tó wà lẹ́yìn. Ewé òkè ti wọ inú ewú màmá kí n tó fọwọ́ kàn án rárá. Bí a bá gé irun náà mọ́ orí, màmá á dà bí ẹni tó dé akoto. Bí a bá gé e fẹ̀, òrùka aláwọ̀ ewé á yí i ká.

Mo ṣí `Select and Mask` nínú Fótóṣọ́ọ̀pù, mo sì fi `Refine Edge Brush` kun ìsẹ́tí irun nìkan. N kò jẹ́ kó kan iwájú orí, kó má baà lu awọ ara níhò. Mo wá wò ó lórí `On Black`, torí orí dúdú ni àwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù ti ń tú ara rẹ̀ fó. `Decontaminate Colors` ló ń fi àwọ̀ irun tó wà nítòsí rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀nba ni kí a lò ó: bí ó bá pọ̀ jù, àwọ̀ awọ orí lè ràn mọ́ ewú. Mo gbé èsì rẹ̀ sí `New Layer with Layer Mask`, kí ojúlówó àwòrán lè wà nísàlẹ̀ láìfarapa.

Lórí ìbòjú yìí, funfun ń fi nǹkan hàn, dúdú ń bò ó. Mo fi dúdú pa àwọn fọ́nrán tó ń léfòó láìso mọ́ orí. Èyí tó ní gbòǹgbò, mo fi í sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ti kìlọ̀ pé, “Jọ̀ọ́, má sọ màmá di ọmọge o.”

Apá òsì ló le jù. Ojú ọ̀run funfun ló wà lẹ́yìn ewú níbẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan tí kọ̀ǹpútà lè rí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì oníwọ̀n píksẹ̀lì 2 ya irun díẹ̀ láti gbòǹgbò síta, pẹ̀lú àwọ̀ tí mo mú lára ewú náà, mo sì sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ọwọ́ mi ló ya ìwọ̀nyẹn. Ó ní kí n dín méjì kù lókè etí.