Bàbá Mi Kì Í Ṣe Ère

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Àwọn tó ń pa òwe yìí máa ń fi bá àwọn tó pẹ̀gàn ẹni nígbà tó wà láyé wí ni. Èmi rí ẹjọ́ mìíràn nínú rẹ̀. Ère kì í bínú, kì í sì í ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí a bá sọ òkú wa di ère, igi gbígbẹ́ la fi rọ́pò ẹni tó bí wa. Òwe tí mo gbà ju èyí lọ ni pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ìwé pélébé tí a pín níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ bàbá mi ní Ìsẹ́yìn ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ahunṣọ òfì tí gbogbo àdúgbò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, pé ó lawọ́, pé kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni kú. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ ọ́ pé: “Bàbá wa le, a sì máa yan ènìyàn lódì.” Ẹ̀gbọ́n mi fi bírò fa gbólóhùn náà já. Wọ́n fi òmíràn sípò rẹ̀: “Onísùúrù ni bàbá wa.” Wọ́n ní òkú kò lè wí tẹnu ara rẹ̀, kí n fi àṣìṣe bàbá wa sílẹ̀ fún Ọlọ́run tó dá wọn. Ààfáà tó jókòó tì wá náà fọwọ́ sí i. N kò janpata lọ́jọ́ náà, torí ojú ọ̀fọ̀ kọ́ la ti ń jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Onísùúrù ni lóòótọ́, bí ó bá jẹ́ ti ìdí òfì. Aṣọ òfì kì í fẹ̀. Ìbú ọ̀já kan kì í ju ìnṣì 4 sí 6 lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀já la ó sì rán pọ̀ kó tó di ìró tàbí agbádá. A ó na òwú gbọọrọ síwájú òfì, a ó so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹrù tó ní òkúta lórí. Bí ahunṣọ ṣe ń hun ún lọ ni ẹrù yẹn ń wọ́ bọ̀ wá bá a díẹ̀díẹ̀. Fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀ nínú omù. Bí ẹyọ kan bá ṣìnà wọ ojú tí kì í ṣe tirẹ̀, àṣìṣe náà kò ní mọ sí ojú kan, yóò bá aṣọ náà lọ títí dé ìparí ni. Ojú lè má tètè rí i. Bàbá mi á di ojú wọn, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn aṣọ jẹ́jẹ́. Ibi tí òwú bá ti fò, ọwọ́ wọn á dúró níbẹ̀.

Nígbà kan, obìnrin kan gbé iṣẹ́ àlàárì wá fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀já mẹ́jọ ti délẹ̀ kí bàbá mi tó tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀nà ara mẹ́ta nínú wọn kò bá ti ìyókù pàdé. Èmi ni mo hun mẹ́ta yẹn. Mo ń lu òwú ìdábùú le ju bí wọ́n ṣe ń lù ú lọ, ọ̀nà tèmi sì kúrú. Ẹni tó ni aṣọ ní òun kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bàbá mi kò gbà. Wọ́n ya mẹ́ta tèmi sọ́tọ̀, wọ́n fi owó ara wọn ra òwú mìíràn, wọ́n sì fi àtùpà hun ún di òru. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lé iye tí wọ́n ti jọ dá.

Wọn kò nà mí. Wọn kò bú mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ojú tí bàbá mi fi ń wo aṣọ ni wọ́n fi ń wo ènìyàn. Òwú tó bá ṣìnà, wọ́n á jókòó tì í títí yóò fi tọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn tó bá ṣìnà, wọ́n á kẹ̀yìn sí i. Ní ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, owó òwú ga, àwọn ọmọṣẹ́ sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún kejì rẹ̀ ni mo fi òfì sílẹ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Mo mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n nílò ọwọ́ mi jù lọ ni mo lọ. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi yàn mí lódì. Bí mo bá wálé ní ọjọ́ Sátidé, màá dọ̀bálẹ̀, màá kí wọn. Wọ́n á kọjú sí ìyá mi nínú yàrá kan náà: “Sọ fún ọmọ ẹ pé oúnjẹ wà nínú ìkòkò.” Ìyá mi á tún un sọ fún mi, bí ẹni pé n kò gbọ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún bàbá mi pé ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọ ni. Títí di òní, bí mo bá rántí gbólóhùn oúnjẹ yẹn, ó máa ń dùn mí, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ẹni tó ń bínú sí mi náà ló ń wò ó bóyá mo ti jẹun.

Ti bàbá kékeré ló burú jù. Ọ̀rọ̀ oníbàárà kan ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti bàbá mi, ọdún mẹ́sàn-án ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò fi kí ara wọn, odi kan ló sì la ilé wọn láàárín. Lọ́jọ́ tí bàbá kékeré kú, bàbá mi jókòó sídìí òfì láti àárọ̀. Ẹsẹ̀ wọn wà lórí ìtẹsẹ̀, ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí oòrùn fi wọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ ohun tí mo lè sọ.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo àṣírí òkú ni a ń tú. Èyí tó lè ba ilé alààyè jẹ́, kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àṣírí. Àwọn ọmọ bàbá kékeré jókòó síbi fìdáù náà, wọ́n gba ìwé pélébé bí gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ka “onísùúrù” níbẹ̀. Èyí àgbà nínú wọn ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó sì fi í sábẹ́ àga. Irọ́ tí a pa láti fi bu ọlá fún òkú wa, àwọn tí òkú wa ṣẹ̀ ló já lé lórí. Bí mo bá sì ní láti yọ líle wọn kúrò kí n tó fẹ́ràn wọn, ẹlòmíràn ni mo ń fẹ́ràn yẹn. Mo fẹ́ràn bàbá mi nígbà tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ràn wọn ní oṣù mẹ́rìnlá tí wọn kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá fẹ́ ra aṣọ òfì lónìí, màá di ojú mi, màá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Bí a bá fẹ́ tẹ ìwé mìíràn fún àdúà ọdún kan, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn tí ẹ fà já yẹn padà síbẹ̀. Kí a sì kọ orúkọ bàbá kékeré sí i, kí àwọn ọmọ wọn rí i.