Ìwé Pélébé Lórí Ètò Ìgbálẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ rí wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jù ú lọ ní ọdún mẹ́ta ni wọ́n jọ háyà yàrá méjì nínú àgbàlá kan níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Wọ́n jọ ń lo kànga kan àti ilé ìwẹ̀ kan, wọ́n sì ti pín iṣẹ́ ìmọ́tótó. Ẹ̀gbọ́n kò gbálẹ̀ ní Àbámẹ́ta méjì. Àbúrò kọ ìwé pélébé sí i, ó sì fẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó fi ránṣẹ́:

“Ẹ̀yin ni iṣẹ́ kàn ní Àbámẹ́ta. Ẹ kò gbálẹ̀. Èmi ni mo gbá a. Kí ló dé tí ẹ máa ń gbàgbé?”

Ó ní òun ti lo “ẹ”, nítorí náà òun ti bọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo “ẹ̀yin ni” àti “èmi ni”. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, “ni”, ń yọ ènìyàn kan sọ́tọ̀ láàárín àwọn yòókù, bí ìgbà tí a nàka sí i. Méjèèjì pọ̀ di ẹjọ́: ẹlẹ́bi lọ́tùn-ún, aláre lósì. “Máa ń” tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì di ìwà. Ní ti “kí ló dé tí”, bí a bá fi bi àgbà, kì í ṣe èsì ni a ń wá mọ́.

Ó ronú láti fi òwe rọ̀ ọ́. Mo kọ̀. Òwe tí àbúrò bá kọ sínú ìwé sí ẹ̀gbọ́n, òkò ọ̀rọ̀ ni. Kò sí ẹ̀rín lójú ìwé tí yóò tù ú lára. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó má kàn kọ “àgbàlá ti dọ̀tí”, torí ẹ̀gbọ́n lè dáhùn pé òun náà rí i.

Èyí ni a jọ kọ:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbá àgbàlá ní Àbámẹ́ta méjèèjì tó kọjá, torí ewé máńgòrò ti ń wọ inú kànga. Ó jọ pé Àbámẹ́ta kò rọrùn fún yín mọ́. Ṣé kí n máa gbá a lọ́jọ́ náà, kí ẹ̀yin sì máa fọ ilé ìwẹ̀ ní Ọjọ́rú dípò mi? Bí ọjọ́ mìíràn bá dára jù, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò fi òtítọ́ pamọ́: Àbámẹ́ta méjì ṣì wà níbẹ̀. Ewé ni ó fa iṣẹ́ náà, ìbéèrè rẹ̀ sì ní èsì tí ènìyàn lè fún un láìtọrọ àforíjì. Mo ní kí ó ti ìwé náà sábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n, kí ó má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí àwọn ayálégbé yòókù yóò ti kà á.

Ní ọjọ́ kejì, ìwé náà padà. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ju èyí lọ: “Ọjọ́bọ̀ ni. Garawa ti lu, mo máa ra òmíràn.”