Ẹ Dín Òkèlè Kù, Ẹ Má Dín Ẹja Kù

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo tún gbé wá lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni dókítà ti sọ fún pé kí ẹ dín oúnjẹ kù, bóyá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá nítorí àtọ̀gbẹ, tàbí nítorí orúnkún tó ń dùn yín. Ìmọ̀ràn náà dára, àmọ́ lójú tèmi, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n sọ ohun tí ẹ máa dín kù, wọn ò sọ ohun tí kò gbọdọ̀ dín. Ẹni tó bá dín gbogbo rẹ̀ kù láìyàn, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló máa lọ lára rẹ̀. Nínú kílò mẹ́rin tí ènìyàn bá fi oúnjẹ nìkan sọ̀ kalẹ̀, ó lè tó kílò kan tí kì í ṣe ọ̀rá rárá. Iṣan ara wà nínú rẹ̀, ìyẹn ẹran itan, ti apá àti ti ẹ̀yìn, tí a fi ń dìde nílẹ̀, tí a fi ń gbé omi. Ọ̀dọ́ lè tètè rí i gbà padà. Fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í rọrùn.

Ohun tó ń dá iṣan dúró nínú oúnjẹ ni purotéènì, èyí tó wà nínú ẹja, ẹyin, ẹran, ẹ̀wà, mílíìkì àti wàrà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa jẹ gíráàmù 0.83 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, lójúmọ́. Ẹni tó ń jẹun tó ni wọ́n ṣírò ìyẹn fún. Ẹni tó ti dàgbà, tó sì tún ń dín oúnjẹ kù, ó nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíráàmù 1.2 fún kílò kan ni mo ń lò fún àwọn tí mo ń tọ́jú, tí kíndìnrín wọn bá dára.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 64 ni wọ́n, wọ́n ga ní sẹ̀ǹtímítà 160. Kílò 88 ni wọ́n wọ̀n tẹ́lẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n ti dé 80, gbogbo ẹgbẹ́ wọn sì ń kí wọn kú oríire. Ṣùgbọ́n wọn ò lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti apá àga mọ́. Mo ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n ń jẹ fún mi. Ògì àti búrẹ́dì díẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀sán, omi. Alẹ́, àmàlà kékeré, ewédú, pọ̀nmọ́ méjì àti ẹja bí ìka méjì. Purotéènì tó wà nínú gbogbo rẹ̀, tí a bá yọ pọ̀nmọ́ kúrò, kò ju nǹkan bíi 20 gíráàmù lọ.

Èló ló yẹ kó jẹ́? Ẹni tó sanra kò ní fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣírò, nítorí ọ̀rá kò nílò purotéènì tó bí iṣan ṣe nílò rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń ṣe é nìyí. Mo yọ 100 kúrò nínú gíga wọn, ó ku 60. Láti 60 dé 80 jẹ́ 20. Mo mú ìdá kan nínú mẹ́rin 20 yẹn, ìyẹn 5, mo fi lé 60, ó di 65. Mo wá fi 1.2 sọ 65 di púpọ̀, ó jẹ́ 78. Gíráàmù 78 lójúmọ́, tí a bá pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta, 26 ní ìjókòó kan. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ jọ sí alẹ́. Ara àgbà máa ń lọ́ra láti fi purotéènì kọ́ iṣan, ìwọ̀n kékeré kì í ta á jí. Nǹkan bíi 25 sí 30 lẹ́ẹ̀kan ni iṣan àgbà ń dáhùn sí.

Lórí àwo, ó rí báyìí. Láàárọ̀, ẹyin méjì jẹ́ 12, ògì tí a fi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta mílíìkì oníyẹ̀fun sí jẹ́ 7, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan jẹ́ 7. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà sísè ife tíì kan jẹ́ 12, ẹja tó tó ìlàjì àtẹ́lẹwọ́ jẹ́ 10, edé lílọ̀ ṣíbí kan jẹ́ 4. Lálẹ́, ẹja Títọ́ọ̀sì tó tó àtẹ́lẹwọ́ jẹ́ 22, ẹ̀fọ́ àti àmàlà kékeré á fi 4 kún un. Àmàlà àti ẹ̀bà ni ẹ ó fi ọbẹ gé kù, àti òróró inú ọbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹja ti wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín lè gba ipò ẹja nígbà kan lójúmọ́, kò burú rárá. Ohun tí mi ò gbà ni àṣà pé bàbá àti àwọn ọmọ ló ni ẹran, kí ìyá máa fi omi ọbẹ̀ tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ìyá tó ń fọn ló nílò ẹja yẹn jù nínú ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka pọ̀nmọ́ mọ́ ọn. Inú á bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sí mi. Purotéènì ni awọ lóòótọ́, àmọ́ irú èyí tí a fi ń kọ́ awọ ni, kò ní gbogbo èròjà tí iṣan fẹ́. Ẹ máa jẹ ẹ́ fún adùn rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá iṣan ti ń lọ? Òṣùwọ̀n kò lè sọ fún yín. Ẹ jókòó sórí àga tó le, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ dìde kí ẹ tún jókòó lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹnì kan máa wo aago. Tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, tàbí tí ẹ kò lè parí rẹ̀, agbára ẹsẹ̀ ti dín nìyẹn. Ẹ máa wò ó lóṣooṣù. Ìdìde àti ìjókòó yẹn gan-an náà ni eré ìdárayá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́, nítorí purotéènì láìlo ẹsẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ìyá tí mo sọ yẹn lo ìṣẹ́jú àáyá 22 nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ ti àga. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó di 14 láìfọwọ́tì, ìwọ̀n wọn sì ti sọ̀ dé 77.

Ẹni tí àìsàn kíndìnrín bá ń ṣe, ìṣirò yìí kì í ṣe tirẹ̀. Tiwọn lè kéré sí 0.83 pàápàá, dókítà wọn ló máa sọ ọ́. Ẹni tí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá pẹ́, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò ní ilé ìwòsàn kó tó fi ẹja kún oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ kọ gíga yín àti ìwọ̀n yín sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé, a ó jọ ṣírò rẹ̀ níbẹ̀.