Ipò Yunifásítì Kì Í Ṣe Ipò Kọ́ọ̀sì

Bí èsì JAMB bá ti jáde báyìí, àtẹ ipò yunifásítì ni àwọn òbí ní VGC máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Wasáàpù. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà tó ń ṣe títì àti afárá, ẹni tí tirẹ̀ fẹ́ ka òfin, ẹni tí tirẹ̀ fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, àtẹ kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyẹn, torí pé kò sí kọ́ọ̀sì kankan nínú àtẹ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Times Higher Education, èyí tí ìwé ìròyìn wa máa ń gbé jáde jù. Ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n gbé àtẹ ọdún 2023 síta. Wọ́n fi Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó sí àárín ipò 401 sí 500 lágbàáyé, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ASUU ṣì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì. Oṣù mẹ́jọ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó sílé. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí kíláàsì ti padà wọlé, àtẹ tuntun jáde, Ìbàdàn sì já wálẹ̀ sí àárín 801 sí 1000. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì, ipò dára. Ilé ẹ̀kọ́ ṣí, ipò já. Ẹ rí i pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wọ̀n.

Ìwádìí tí olùkọ́ tẹ̀ jáde ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ìdá 30 nínú 100 ló jẹ́ ti iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni ká fara balẹ̀ wò. Ká ní yunifásítì kan ní àpilẹ̀kọ 1,000. Wọ́n fún àpilẹ̀kọ tí wọ́n tọ́ka sí ní ìwọ̀n ti àgbáyé ní máàkì 1. Ká ní 980 nínú ti ilé ẹ̀kọ́ yìí gba 0.6 lọ́kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 588. Ogún tó kù jẹ́ ìwádìí ńlá tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, wọ́n gba 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1,200. Ẹ pa á pọ̀, ẹ pín in sí 1,000: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.8. Àpilẹ̀kọ ogún péré ti sọ 0.6 di ìlọ́po mẹ́ta.

Irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ìwádìí Global Burden of Disease, tó máa ń jáde nínú ìwé ìṣègùn The Lancet, máa ń ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹkọ̀wé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, àwọn dókítà Ìbàdàn sì wà lára wọn. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì yẹ ká kí wọn. Àmọ́ kí ló kàn án pẹ̀lú ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe gọ́tà tí àgbàrá Lẹ́kkí kò ní borí?

Nínú àtẹ 2024 ni wọ́n tún ìṣirò náà ṣe. Ìdajì ìdá 30 yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìṣirò àtijọ́. Apá kan nínú ìyókù kò pín nǹkan kan mọ́: wọ́n á to gbogbo àpilẹ̀kọ láti èyí tó kéré jù, wọ́n á sì wo máàkì èyí tó wà ní ipò 75 nínú 100. Nínú àpẹẹrẹ wa, 0.6 ni wọ́n máa bá níbẹ̀, bí ogún yẹn tilẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún. Lójú tèmi, ọ̀nà tuntun yìí sàn jù, àmọ́ kò sọ ohunkóhun nípa kíláàsì.

Ẹ ó rí ìdá 29.5 tí wọ́n pè ní ti ìkọ́ni. Ohun tó lé ní ìdajì rẹ̀, ìyẹn 15, jẹ́ èrò àwọn onímọ̀ káàkiri ayé tí wọ́n ní kí wọ́n dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó dára. Iye akẹ́kọ̀ọ́ sí olùkọ́ kan gba 4.5 péré, gbogbo yunifásítì ni wọ́n sì pa pọ̀ ṣe é. Ẹ̀ka kan lè ní olùkọ́ tó pọ̀ tó, kí ẹ̀ka kejì máa yá olùkọ́ lò. Ilé ẹ̀kọ́ tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò tó 1,000 láàrin ọdún márùn-ún kò tilẹ̀ lè ní ipò nínú àtẹ náà rárá, bó ti wù kó kọ́ni tó.

Àjọ NUC ní tiwọn ń yẹ kọ́ọ̀sì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yege dáadáa máa ń gba ìfọwọ́sí ọdún márùn-ún. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó fún máa ń gba ọdún méjì, wọ́n á sì padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó fìdí rẹmi kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ti ẹnjiníà tún ní COREN, ti dókítà ní MDCN. Yunifásítì kan náà lè ní ọdún márùn-ún lórí kọ́ọ̀sì kan, kó ní ọdún méjì lórí èyí tó wà ní ilé kejì. Kí òbí tó sanwó ohunkóhun, kó béèrè ọdún tí wọ́n yẹ kọ́ọ̀sì ọmọ rẹ̀ wò gbẹ̀yìn, iye ọdún tí wọ́n fún un, àti iye olùkọ́ tó jẹ́ ti ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn tó ń wá láti ibòmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.