Akọ̀wé Kì Í Ṣe Odídẹrẹ́

 

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ìwó ni ìlú odídẹrẹ́. Ohun tí odídẹrẹ́ bá gbọ́ ló ń wí, kì í mú èyí kí ó fi tọ̀hún sílẹ̀. Ẹyẹ wa ni, a ò sì lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí akọ̀wé ẹgbẹ́ má fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Láti ìgbà tí fóònù ti ń gba ohùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń gbé e sórí tábìlì, tí wọ́n ń ní kí ọmọ kan tẹ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kó ojú ìwé ọgbọ̀n wá sí ìpàdé tó tẹ̀lé e pé mínítì nìyí. Ní tiwa, ohun mẹ́ta ni mínítì: ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò ṣe é. Ìyókù, ọ̀rọ̀ ẹnu ni.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé ìpàdé ẹ̀ka wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù, lórí àwọn tó ń ṣíwọ́ ní aago 10 alẹ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì kò sí mọ́. Ohun tí ọmọ náà tẹ̀ láti inú fóònù rí báyìí:

Alága: Ẹ fi ariwo sílẹ̀.
Ohùn kan: Ọ̀kadà tí mo gùn lánàá, díẹ̀ ló kù kó gbé mi sí gọ́tà.
Ohùn kejì: Ẹgbẹ̀rin náírà ni wọ́n ń gbà. Ká béèrè ẹgbẹ̀rin.
Alága: Ó dáa.
Obìnrin kan láti ẹ̀ka ìdìpọ̀: Ẹgbẹ̀rin kọ́ o! Àwa tí à ń kọjá Odò-Orí, ẹgbẹ̀rún ni. Ọ̀rọ̀ omi mímu náà wà nílẹ̀ o.
Alága: Ọ̀rọ̀ omi ń bọ̀. Ṣé ẹgbẹ̀rún la fẹnu kò sí?
Ọ̀pọ̀ ohùn: Bẹ́ẹ̀ ni!
Ohùn kan: Èmi ò fara mọ́ ọn. Bọ́ọ̀sì ni ká béèrè.
Alága: Ó dáa. Ta ni yóò lọ bá máníjà?
Ohùn kan: Òun náà ti ní òun máa lọ.
Alága: Kó jẹ́ òní ọjọ́ mẹ́jọ.

Kí akọ̀wé má bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kí ó lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí, kí ó máa ka ẹ̀yìn bọ̀ títí yóò fi rí ibi tí alága ti bi ilé léèrè tí ilé sì dáhùn. Ibẹ̀ ni ìpinnu wà. Ẹni tó bá ka láti òkè yóò rí “ẹgbẹ̀rin”, yóò rí “Ó dáa” nísàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ pé ẹgbẹ̀rin ni a gbà. Irọ́ ni. Nínú èdè wa, “ó dáa” lè jẹ́ “mo gbà”, ó lè jẹ́ “mo ti gbọ́”, ó sì lè jẹ́ “ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ míì”. Kì í ṣe ìpinnu àfi tí ìbéèrè bá ṣáájú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni owó. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń pariwo, ẹgbẹ̀rin àti ẹgbẹ̀rún kò jìnnà síra létí. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 200 náírà lórí ẹnì kan lálẹ́ kan. Bí òṣìṣẹ́ 40 bá ṣe iṣẹ́ alẹ́ 26 lóṣù, ó ti di 208,000 náírà. Nítorí náà, ibikíbi tí owó bá ti jẹ yọ, kí akọ̀wé tún fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ nínú fóònù, kí ó sì fi nọ́ńbà kọ ọ́. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú níbi tí ẹni tó tẹ̀wé kò bá ti fi àmì sórí ọ̀rọ̀. “Won ko gba” lè jẹ́ “wọn kò gbà”, ó sì lè jẹ́ “wọn kò gba” owó náà. Ọ̀kan jẹ́ pé wọ́n kọ̀, èkejì jẹ́ pé owó kò tíì dé ọwọ́ wọn.

Ó tún ku “òun”. Fóònù kò mọ ẹni tí wọ́n nàka sí. Kí akọ̀wé tètè bi alága kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Nínú àpẹẹrẹ wa, akápò ni. “Òní ọjọ́ mẹ́jọ” náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń ka òní mọ́ ọn, nítorí náà láti Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 5, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 12 ni. Ọmọ ìwòyí tó bá fi 8 kún 5 yóò dé ọ́fíìsì máníjà ní ọjọ́ 13, nígbà tí wọn kò retí rẹ̀ mọ́. Kí a kọ orúkọ ọjọ́ náà àti nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀.

Mínítì rẹ̀ wá di èyí:

Owó ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́. Ìpàdé fẹnu kò pé kí ẹgbẹ́ béèrè 1,000 náírà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣíwọ́ ní aago 10, ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí iye tí àwọn tó ń kọjá Odò-Orí ń san nìyẹn. Akápò ni yóò rí máníjà ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12, yóò sì jábọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹnì kan dábàá bọ́ọ̀sì. A kò pinnu lórí ìyẹn.

Ó tán. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ti kúrò, ọ̀rọ̀ omi ti lọ sí àyè tirẹ̀. Ẹ kíyè sí gbólóhùn ìkẹyìn. Alága kò bi ilé nípa bọ́ọ̀sì, nítorí náà akọ̀wé kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé a gbà á tàbí pé a kọ̀ ọ́. Ohun tí ìpàdé kò pinnu, a kì í bá a pinnu lórí tábìlì akọ̀wé. Bákan náà, fóònù kì í gbọ́ ọwọ́ tí a nà sókè. Bí a bá dìbò, kí akọ̀wé ti kọ iye ọwọ́ sórí bébà lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé bí a bá gé ọ̀rọ̀ kúrú, akọ̀wé yóò rí ibi fi nǹkan pamọ́ sí. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ìwé ọgbọ̀n ni oògùn rẹ̀. Kí a tọ́jú ohùn náà títí a ó fi ka mínítì létí ilé ní ìpàdé tó tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá dá lójú, kí a gbé ibẹ̀ sí i létí. Bí alága bá ti fọwọ́ sí mínítì, kí a pa ohùn àti ìwé gígùn náà rẹ́. Ìwé tó kó ọ̀rọ̀ gbígbóná gbogbo wa jọ lórúkọ-lórúkọ, bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́, kúẹ́rì ló ń bí. Ẹni tó bá fẹ́ kí a kọ orúkọ òun sílẹ̀ pé òun kò fara mọ́ nǹkan, kí ó fẹnu ara rẹ̀ béèrè, a ó sì kọ ọ́.

Ẹ sì rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Òfin tó wà fún àríyànjiyàn iṣẹ́ nílẹ̀ wa ní kí ẹ̀dà ìwé àdéhùn tí a fi parí àríyànjiyàn dé ọwọ́ mínísítà láàárín ọjọ́ 14 tí a bá ti fọwọ́ sí i, ó kéré tán ẹ̀dà 3. Kò sí ẹni tó lè yọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde láti inú “ó dáa” àti “òun náà”.

Àbá wa fún ẹ̀ka yìí nìyí: kí alága máa tún ìpinnu sọ sókè, pẹ̀lú iye owó, orúkọ àti ọjọ́, kí a tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan ni. Bí ó bá sọ ọ́, fóònù yóò gbọ́, akọ̀wé yóò rí i, akápò kò sì ní lọ bá máníjà ní ọjọ́ tí kò yẹ pẹ̀lú iye tí kò yẹ.