Àkópọ̀ lẹ́kíṣọ̀ tí kò sọ ìṣẹ́jú, kí lẹ fẹ́ fi ṣe lálẹ́ ìdánwò?

Tí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ wo gírúùpù Wásáàpù kíláàsì yín. Ẹnì kan á ju fáìlì kan síbẹ̀, á ní àkópọ̀ lẹ́kíṣọ̀ nìyẹn, àwọn yòókù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Fídíò tó gùn tó wákàtí méjì ti di ojú ìwé kan ààbọ̀. Ta ló tún fẹ́ fi dátà ṣòfò?

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ṣe àkópọ̀ o. Èyí tí mò ń bá jà ni àkópọ̀ tí kò sọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde nínú fídíò. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yẹ irú ẹ̀ wò. Tí ẹni tó kọ ọ́ bá gbọ́ òdì, òdì yẹn náà lẹ máa gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ ò sì ní mọ̀.

Èyí tó ṣojú mi ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Àbúrò mi kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì ní fídíò kan tí olùkọ́ wọn gbà sílẹ̀, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 52. Ẹlasitísítì ni olùkọ́ náà ń kọ́ wọn, ìyẹn bí iye ọjà tí àwọn èèyàn ń rà ṣe ń yí padà tí owó ọjà náà bá yí padà. Ó fi búrẹ́dì ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan ń ta 50 lójúmọ́ nígbà tó jẹ́ ₦1,000. Ó sọ ọ́ di ₦1,200, ó wá ń ta 45. Owó lọ sókè pẹ̀lú 20%, iye tó ń tà wálẹ̀ pẹ̀lú 10%. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín ti ìkejì:

```
-10% ÷ 20% = -0.5
```

Ìṣẹ́jú 52 ló ṣe ìṣirò yìí. Lẹ́yìn ẹ̀ ló bọ́ sórí owó tó ń wọlé fún ìyá náà: ₦50,000 ló ń pa lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di ₦54,000 báyìí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì tó ń tà ti dín kù. Àkópọ̀ tó wà nínú gírúùpù wọn kọ gbogbo èyí, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ìdáhùn 0.5 wà níbẹ̀ gbàgàdà.

Àmọ́ nígbà tí fídíò náà ti lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 17, akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé tí ìyá yẹn bá dá owó náà padà sí ₦1,000 ńkọ́? Olùkọ́ tún un ṣírò. Láti 45 padà sí 50 jẹ́ 11.1%. Láti ₦1,200 padà sí ₦1,000 jẹ́ 16.7% wálẹ̀. Ìdáhùn di 0.67. Ẹ gbọ́ ná: búrẹ́dì kan náà, ìyá kan náà, owó méjì kan náà, síbẹ̀ ìdáhùn jẹ́ méjì. Ohun tó fà á ni pé orí iye tí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tí a sì ti bẹ̀rẹ̀ ti yí padà. Ni olùkọ́ bá mú ìlànà àárín jáde. Àárín owó méjèèjì ni ₦1,100, àárín iye búrẹ́dì ni 47.5, àwọn wọ̀nyí lẹ máa fi pín. Ó di 10.5% sí 18.2%, ìyẹn 0.58, yálà ẹ ń lọ sókè ni o tàbí ẹ ń bọ̀ nílẹ̀. Ó wá là á mọ́lẹ̀ pé ìlànà yìí lòun fẹ́ rí nínú ìdánwò.

Èyí ò sí nínú àkópọ̀ yẹn rárá. Ẹni tó kọ ọ́ ò ya ọ̀lẹ. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìṣirò ti parí níbi tí olùkọ́ ti bọ́ sórí nǹkan mìíràn ni. Ká ní ó kọ 52:05 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.5 yẹn ni, ẹni tó bá ṣí ìkẹyìn fídíò á rí i pé wákàtí kan gbáko ló ṣẹ́kù lẹ́yìn ibẹ̀, ìlà mẹ́ta péré sì ni àkópọ̀ fi dúró fún un. Àṣírí á tú.

Báwo wá ni kí ẹ ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ wo fídíò náà tán láì kọ àlàyé kankan. Tí ẹ bá fi sí eré 1.5, fídíò oníṣẹ́jú 112 á gbà yín ní wákàtí kan àti bí ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú àti ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta péré ni kí ẹ máa kọ: "52, búrẹ́dì", "77, ìbéèrè, ìlànà tuntun". Ẹni tó bá ń kọ gbólóhùn gígùn bó ṣe ń gbọ́ ọ ò lè mọ̀ pé olùkọ́ ń bọ̀ wá tún ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ṣe. Ìgbà tí ẹ bá gbọ́ ọ tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gé e sí orí orí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í gé gan-an nìyí. Àwọn kan ń gé e ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, bí ìgbà téèyàn ń gé iṣu tí kò wo ibi tó ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn ń gé e níbi tí àwòrán ara ògiri bá ti yí padà, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ lè lo ìṣẹ́jú ogún lórí ẹyọ kan. Ìbéèrè ni kí ẹ fi gé e. Orí kan gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan, ibi tí ìbéèrè bá ti yí padà ni orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ti fídíò àbúrò mi rí báyìí nígbà tí a ṣe é tán:

```
00:00 Pípe orúkọ (ẹ fò ó)
11:20 Kí ni ẹlasitísítì?
31:45 Kí ló ń mú kéèyàn ṣì máa ra ọjà tó ti wọ́n?
52:05 Báwo la ṣe ń ṣírò rẹ̀? 0.5 (ẹ wo 1:17:30)
1:03:10 Ṣé owó tó ń wọlé á pọ̀ tàbí á dín?
1:17:30 Kí nìdí tí 0.5 ò fi tó? Ìlànà àárín, 0.58
1:36:00 Ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́
```

Ẹ wo orí kẹrin, ó ní kí ẹ wo 1:17:30. Ìlà yẹn ló wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Gbogbo ibi tí olùkọ́ bá ti padà wá tún nǹkan ṣe, ẹ kọ ọ́ sára orí àkọ́kọ́, torí pé ẹni tó ń kánjú lè má dé orí kejì. (Ìṣẹ́jú mọ́kànlá fún pípe orúkọ! Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gba tiwa rò jàre.)

Lábẹ́ orí kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Àmọ́ ìdáhùn ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí. "Olùkọ́ ṣàlàyé ìlànà àárín" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Tí a bá ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn á yàtọ̀ tí owó bá ń lọ sókè àti tó bá ń bọ̀ nílẹ̀ (0.5 àti 0.67). Ẹ fi àárín pín, 0.58 ni lọ́nà méjèèjì. Òun lẹ máa lò nínú ìdánwò." Tí ẹ bá ń kọ ìṣẹ́jú, ẹ fi bíi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ṣáájú ibi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ má bàa já sáàárín ọ̀rọ̀.

Tí fídíò bá wà lórí Yútúùbù, ẹ lè rí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ti kọ sílẹ̀ tí ẹ bá tẹ `Show transcript`. Ó dáa fún wíwá ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà á kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ yẹn fi ń kọ́ wọn, bí Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe ń pe 15 àti 50 jọra wọn létí ẹ̀rọ. Nínú fídíò yìí, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé búrẹ́dì 15 ni ìyá náà ń tà kí owó tó lọ sókè. Ohun tó jẹ́ ká fura ni pé láti 15 sí 45, ọjà ẹ̀ ń tà sí i nìyẹn, olùkọ́ sì ń sọ pé ó dín kù. Tí nọ́ńbà ò bá bá ọ̀rọ̀ tó yí i ká mu, ẹ padà lọ gbọ́ ọ. Ohun tí olùkọ́ bá kọ sójú pátákó tí kò fẹnu kà, ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn rárá.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni fídíò náà lórí Yútúùbù, ẹ lẹ àkójọ orí yẹn mọ́ àlàyé tó wà lábẹ́ ẹ̀, Yútúùbù á pín in sí orí orí fúnra ẹ̀. Kìkì pé 00:00 gbọ́dọ̀ ṣáájú, orí gbọ́dọ̀ pé mẹ́ta ó kéré tán, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra bí àkókò ṣe tẹ̀ léra, kí ìkankan má sì kéré sí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Bí fídíò ò bá jẹ́ tiyín, ẹ fi àkókò sí ìdí líǹkì rẹ̀. 52:05 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3125, nítorí náà líǹkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `youtu.be` á parí sí `?t=3125`.

Èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ló ní wàhálà tiẹ̀. Ẹnì kan lè ti gé ìṣẹ́jú 11 tó jẹ́ ti pípe orúkọ kúrò kí fáìlì má bàa wúwo. Gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ kọ á wá yẹ̀ pẹ̀lú 11, ẹ̀bi á sì jọ pé tiyín ni. Ẹ kọ iye àkókò tí odindi fídíò gùn tó sókè àkópọ̀ yín, ẹni tí tiẹ̀ bá kúrú á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Tí ẹ bá wá fẹ́ kàwé, ẹ fọwọ́ bo àlàyé, ìbéèrè nìkan ni kí ẹ kà. Ẹ dáhùn ẹ̀ sókè. Èyí tí ẹ ò bá lè dáhùn lẹ máa tẹ̀. Àbúrò mi dáhùn gbogbo ẹ̀ àfi ti 1:17:30, ìṣẹ́jú 18 àti ààbọ̀ ló sì fi wo ibẹ̀ dípò 112.

Àwọn kan máa sọ pé iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún ẹni kan. Òótọ́ ni. Ẹ pín in láàárín kíláàsì: kí ẹnì kan wo gbogbo fídíò, kó sì gé e sí orí, kí àwọn mẹ́fà mìíràn mú orí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ ìṣẹ́jú tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá olùkọ́ sọ ohun tí ẹ ní ó sọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ní lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, nítorí ẹ ti sọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀ fún wọn.